ÈRÈ ÀTI OWÓ ỌWỌ́: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Onísọ̀ Kéékèèké



Ní Ìsàlẹ̀ Gángan, àti káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Ìdúmọ̀tà àti Balógun, ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé kò sí agbo ilé kan tí kò ní ẹni tí ń tajà nínú rẹ̀. Lẹ́nu irú àwọn ènìyàn báyìí ni a ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó dàbí àlọ́: ọjà ń tà, èrè ń bẹ lórí rẹ̀, síbẹ̀ owó tí a ó fi ra ọjà mìíràn kò sí. Nígbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn kan a máa fura sí ọmọ ìsọ̀, àwọn mìíràn a sì máa wí pé ọwọ́ ayé ni. Lóòótọ́ olè lè wà; ṣùgbọ́n ní ìgbà púpọ̀ kò sí ẹnikẹ́ni tí ó mú kọ́bọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé onísọ̀ náà ka èrè àti owó ọwọ́ sí ohun kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni ohun méjì ni wọ́n. Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí ni láti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, kí a sì tọpa owó ìsọ̀ kan láti ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, kí a lè fi ojú rí ibi tí owó ń gbà lọ.

I. KÍ NI ÈRÈ, KÍ SÌ NI OWÓ ỌWỌ́?

Èrè ni ohun tí ó ṣẹ́kù nígbà tí a bá mú iye tí a ta ọjà, tí a yọ iye tí a fi ra ọjà náà gan-an kúrò nínú rẹ̀, tí a sì tún yọ ìnáwó ìsọ̀ ti àkókò kan náà kúrò. Ẹ kíyèsí i pé nínú ìṣirò yìí a kò béèrè bóyá oníbàárà ti san owó tàbí kò ì tí ì san. Bí ó bá ti gba ọjà, tí ó sì ti jẹ́wọ́ pé òun yóò san, a ti ta á nìyẹn. Bákan náà, ọjà tí a rà tí ó ṣì wà lórí pẹpẹ kì í dín èrè kù, nítorí a kò ì tí ì tà á.

Owó ọwọ́ ni èyí tí ó wà nínú àpótí àti ní báńkì, tí a lè fi san gbèsè tàbí ra ọjà lónìí. Ìwọlé àti ìjáde rẹ̀ ni a ń pè ní ìṣàn owó. Ìṣirò tirẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: iye tí ó wà tẹ́lẹ̀, ká fi èyí tí ó wọlé kún un, ká yọ èyí tí ó jáde kúrò. Nínú ìṣirò yìí, àwìn kò já mọ́ nǹkankan títí di ọjọ́ tí a san án. Ọjà tí a fi owó rà ti jẹ owó tán ní ọjọ́ tí a rà á, ìbáà ṣe pé ó tà tàbí kò tà.

Ìyàtọ̀ wọn, nígbà náà, jẹ́ ìyàtọ̀ àkókò. Èrè ń ka ọjọ́ tí a tajà. Owó ọwọ́ ń ka ọjọ́ tí owó dé àti ọjọ́ tí ó lọ. Bí gbogbo ènìyàn bá ń san owó lójú ẹsẹ̀, tí a sì ń ra ọjà lójoojúmọ́ bí a ti ń tà á, àwọn méjèèjì ì bá máa rìn pọ̀. Ṣùgbọ́n òwò Èkó kò rí bẹ́ẹ̀.

II. ÌSỌ̀ ALÁṢỌ KAN

Ẹ jẹ́ kí a ro ti obìnrin kan tí ó ṣí ìsọ̀ àǹkárá kékeré ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Àpẹẹrẹ lásán ni, a sì yan iye owó tí ó rọrùn láti ṣírò. Kí olúkúlùkù fi iye tirẹ̀ rọ́pò. Owó òwò tí ó kó jọ jẹ́ ₦2,000,000. Ìdì aṣọ kan, tí í ṣe yáàdì 6, ni ó ń rà ní ₦8,000, tí ó sì ń tà ní ₦10,000. Èrè orí ìdì kan nìyẹn, ₦2,000, kí a tó yọ ìnáwó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án ó san owó ìsọ̀ ọdún kan lápapọ̀, ₦600,000, gẹ́gẹ́ bí onílé ti béèrè. Ó ra ìdì 150, iye rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,200,000. Owó tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦200,000.

Ọjà tà dáradára. Kí oṣù tó parí, ìdì 100 ti lọ. Nínú wọn, àwọn oníbàárà san owó ìdì 40 lójú ẹsẹ̀, èyí tí í ṣe ₦400,000. Ìdì 60 yòókù, ₦600,000, lọ láwìn fún oṣù méjì. Àwọn alágbàtà tí ń gbé aṣọ kiri gba díẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ tí ń mú aṣọ ẹbí sì gba ìyókù, wọ́n ní, “Ìyá, ẹ bá wa ṣe é, bí ìnáwó bá ti parí a ó mú owó yín wá.” Ó san ₦70,000 fún ọmọ ìsọ̀, ọkọ̀, iná àti owó ọjà.

Ǹjẹ́ èló ni èrè rẹ̀? Ó ta ọjà ₦1,000,000. Ìdì 100 náà ni ó rà ní ₦800,000. Ó ṣẹ́ku ₦200,000. A yọ ìnáwó ₦70,000. A sì yọ owó ìsọ̀ oṣù kan, ₦50,000, nítorí oṣù kan péré nínú méjìlá ni ó ti lò. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦80,000. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Èrè tòótọ́ ni.

Èló sì ni owó ọwọ́ rẹ̀? Ó ní ₦200,000, ₦400,000 wọlé, ₦70,000 jáde. Ó ku ₦530,000.

Ní Oṣù Kẹwàá ó ní ìdì 50 lórí pẹpẹ. Ó fi ₦480,000 ra ìdì 60 kún un, owó ọwọ́ sì di ₦50,000. Ó tún ta ìdì 100, bí ti oṣù àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́: 40 lójú ẹsẹ̀, 60 láwìn. Ó tún ná ₦70,000. Èrè rẹ̀ tún jẹ́ ₦80,000. Owó ọwọ́ rẹ̀ ní ìparí oṣù jẹ́ ₦380,000.

Nísinsìnyí Oṣù Kọkànlá dé, ó sì jẹ́ àkókò tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún un, nítorí pé àwọn tí yóò ṣe ìnáwó ní Oṣù Kejìlá ní láti ra aṣọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, kí télọ̀ lè rí àyè rán an. Ìdì 10 péré ni ó kù lórí pẹpẹ. Kí ó lè ní 100 bí ti àtẹ̀yìnwá, ó gbọ́dọ̀ ra 90, tí í ṣe ₦720,000. Ó ní ₦380,000. ₦340,000 ni ó dín, àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè Oṣù Kẹsàn-án kò sì ní san án títí di ìparí Oṣù Kọkànlá, bí wọn kò bá yẹ̀ ẹ́. Obìnrin tí ó jèrè ₦160,000 nínú oṣù méjì wá di ẹni tí ń wá ẹni tí yóò yá a lówó.

III. NÍBO NI OWÓ NÁÀ LỌ?

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦2,000,000, ó sì jèrè ₦160,000. Ó yẹ kí ohun ìní ìsọ̀ náà jẹ́ ₦2,160,000. Ẹ jẹ́ kí a wá a kiri. Owó ọwọ́ jẹ́ ₦380,000. Ó wà lọ́wọ́ àwọn ajigbèsè, ₦1,200,000. Ìdì 10 tí ó wà lórí pẹpẹ, ní iye tí ó rà wọ́n, jẹ́ ₦80,000. Owó ìsọ̀ oṣù mẹ́wàá tí ó ti san sílẹ̀ tí kò ì tí ì lò jẹ́ ₦500,000. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦2,160,000 gééré. Kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó sọnù. Owó rẹ̀ kò kú; ó ti di àwìn, ó ti di ọjà, ó sì ti di owó ilé.

Nínú àwọn mẹ́ta yìí, àwìn ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù. Ó sì rọrùn láti mọ iye tí àwìn yóò dè mọ́lẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìdì 60 ni ó ń fi sílẹ̀ láwìn lóṣooṣù, òun fúnra rẹ̀ sì ti fi ₦8,000 ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí jẹ́ ₦480,000 lóṣù kan. Bí àwìn bá jẹ́ ti oṣù méjì, ₦960,000 owó òwò rẹ̀ ni yóò máa wà níta nígbà gbogbo, tí kò ní padà sílé bí kò ṣe pé ó dín àwìn kù tàbí ó dá òwò náà dúró. Bí ọjà bá tilẹ̀ tà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìdì 60 di 90, owó tí ó dè mọ́lẹ̀ yóò di ₦1,440,000. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìsọ̀ tí ń gbèrú kánkán ni ó máa ń rí ìnira owó ju ìsọ̀ tí ó dúró lójú kan lọ. Ẹni tí ń ta láwìn gbọ́dọ̀ ní owó òwò tí ó tó ti ọjà orí pẹpẹ, kí ó sì tún ní òmíràn tí ó tó ti ọjà tí ó wà nílé àwọn ajigbèsè.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìṣirò èrè rárá, ìyẹn ni owó tí onísọ̀ mú fún ilé ara rẹ̀. Ká ní aláṣọ yìí wí pé, “Mo ti jèrè ₦160,000, n ó fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ.” Èrè rẹ̀ ni lóòótọ́, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n èrè náà kò sí nínú àpótí. Ọwọ́ àwọn ajigbèsè ni ó wà. Ohun tí yóò mú nínú àpótí jẹ́ owó ọjà, ₦380,000 yóò sì di ₦220,000, tí kò lè ra ju ìdì 27 lọ. Èyí ni ohun tí àwọn àgbà ọlọ́jà ń pè ní jíjẹ owó òwò, ó sì lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ná ju èrè rẹ̀ lọ.

IV. Ọ̀NÀ TÍ ÀWỌN ÒṢÓMÀÁLÓ GBÀ

Ìṣòro yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Òyìnbó ní etíkun Èkó a máa fi ọjà lé àwọn oníṣòwò wa lọ́wọ́ láwìn, kí wọ́n lè fi epo pupa àti èkùrọ́ san án padà. Ẹni tí ó gba ọjà yóò tún fi í lé àwọn mìíràn lọ́wọ́ ní òkè, bí iye epo bá sì jábọ́ ní Europe, tàbí bí ogun bá dí ọ̀nà, gbogbo okùn àwìn náà a dìjú pọ̀, ẹni tí ó ní èrè nínú ìwé a sì bá ara rẹ̀ nílé ẹjọ́ nítorí gbèsè.

Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń kiri aṣọ di olókìkí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Aṣọ ni wọ́n ń gbé lọ sí ìlú àti abà, wọn a sì tà á láwìn fún àwọn àgbẹ̀, tí yóò san án díẹ̀díẹ̀ tàbí nígbà tí kòkó bá dé. Orúkọ tí a fún wọn ni Òṣómàáló, nítorí pé bí ọjọ́ owó bá pé, oníṣòwò náà yóò wí pé òun yóò ṣóṣòó títí òun yóò fi gba owó òun, kò sì ní dìde lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè. Àwọn ènìyàn a máa fi èyí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀.

Èkínní, iye tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn ju iye tí à ń tà á lójú ẹsẹ̀ lọ. Wọ́n mọ̀ pé dídúró ní iye tirẹ̀. Èkejì, wọn kò fi ọjọ́ sísan sí àkókò tí ó wu ajigbèsè láti wí. Àkókò tí owó máa ń wọlé fún àgbẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí. Ẹ̀kẹta, wọn kò ka ọjà sí ohun tí a ti parí títí owó fi dé ọwọ́. Fún Òṣómàáló, títa aṣọ jẹ́ ìdajì iṣẹ́. Gbígba owó ni ìdajì kejì. Èyí gan-an ni ìyàtọ̀ èrè àti owó ọwọ́, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kankan.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọgbọ́n yìí padà sí ìsọ̀ wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Ká ní aláṣọ náà kò kọ àwìn, ṣùgbọ́n tí ó wí fún olúkúlùkù pé kí ó san ìdajì sílẹ̀ kí ó tó gbé aṣọ. Lórí ìdì 60, èyí jẹ́ ₦300,000 lóṣooṣù. Ní ìparí Oṣù Kẹwàá, owó ọwọ́ rẹ̀ kì bá ti jẹ́ ₦380,000 bí kò ṣe ₦980,000. Ì bá ra ìdì 90 tí ó fẹ́ ní ₦720,000, ₦260,000 ì bá sì kù sílẹ̀. Èrè rẹ̀ kò lé, kò dín: ₦160,000 náà ni. Àkókò tí owó wọlé nìkan ni ó yí padà.

Àwọn kan yóò wí pé, “Èmi pẹ̀lú ń gba ọjà láwìn lọ́wọ́ olówò ńlá, nítorí náà kò sí ìṣòro.” Ó dára, ṣùgbọ́n kí ẹni bẹ́ẹ̀ wo ọjọ́ méjèèjì. Bí olówò ńlá bá fún un ní 30 ọjọ́, tí òun sì fún oníbàárà rẹ̀ ní 60 ọjọ́, ìdajì ọ̀nà ni àwìn náà bá a dé. Ní ọjọ́ kọgbọ̀n yóò wá owó tí oníbàárà kò ì tí ì san, bí kò bá sì ní i, yóò yá a pẹ̀lú èlé, èlé náà yóò sì jẹ nínú èrè. Àwìn tí à ń gbà kò gbọdọ̀ kúrú ju àwìn tí à ń fún ni lọ, bí kò ṣe pé a ní owó tí a ó fi dí àlàfo náà.

V. OWÓ KÚN ÀPÓTÍ, ÈRÈ KÒ SÍ

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, ó sì léwu jù, nítorí pé ó máa ń dùn mọ́ni. Ká ní aládùúgbò aláṣọ wa kórìíra àwìn pátápátá. Ó ra aṣọ kan náà ní ₦8,000, ó ń tà á ní ₦8,500 lójú ẹsẹ̀. Èrò a máa rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ta ìdì 100, ₦850,000 sì wọ àpótí. Ṣùgbọ́n ₦800,000 ni ó fi rà wọ́n, ìnáwó àti owó ìsọ̀ sì jẹ́ ₦120,000. Ó pàdánù ₦70,000. Níwọ̀n ìgbà tí ó ti san owó ilé ọdún kan sílẹ̀, kò ní mọ gbogbo ìpàdánù náà lára lóṣooṣù. Ọjọ́ tí onílé bá padà wá ni yóò mọ gbogbo rẹ̀.

Irú owó mìíràn tún wà tí ó lè tan onísọ̀ jẹ. Bí ó bá gba àjọ rẹ̀ lọ́wọ́ alájọ, owó tí òun fúnra rẹ̀ ti dá ni, lẹ́yìn tí alájọ ti yọ ti ọjọ́ kan. Kì í ṣe èrè. Bí ẹgbẹ́ kan bá san owó aṣọ ẹbí sílẹ̀ kí ó tó bá wọn ra aṣọ náà, owó wọn ni títí aṣọ fi dé ọwọ́ wọn. Bí báńkì tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá yá a lówó, gbèsè ni. Gbogbo wọn ń wọ inú àpótí kan náà, wọ́n sì jọ ara wọn lójú. Ẹni tí ó bá ń fi ìkún àpótí díwọ̀n èrè yóò ná owó olówó, yóò sì rò pé òun ń ná èrè òun.

VI. NÍGBÀ TÍ IYE ỌJÀ Ń GÒKÈ

Ó ku ohun kan tí àwọn ọlọ́jà Èkó kò lè gbàgbé. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jáwọ́ nínú dídi iye náírà mú. Ṣáájú àkókò náà, dọ́là kan kò tó ₦480 ní ọ̀nà ìjọba. Nígbà tí ó fi di Oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,400. Aṣọ tí ó ti òkè òkun wá, àti èyí tí a fi ohun èlò òkè òkun ṣe, tẹ̀lé e lọ sókè.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí ẹni tí ó ta láwìn. Ó fún àwọn ènìyàn ní ìdì 60 ní ₦10,000. Wọ́n jẹ́ olóòótọ́, wọ́n sì san ₦600,000 pé lẹ́yìn oṣù méjì. Nínú ìwé, èrè orí wọn jẹ́ ₦120,000. Ṣùgbọ́n ìdì tí ó rà ní ₦8,000 nígbà náà ti di ₦10,500. ₦600,000 náà kò lè ra ju ìdì 57 lọ. Ìdì 60 jáde nínú ìsọ̀, 57 ni ó padà. Ó jèrè nínú ìwé, pẹpẹ rẹ̀ sì fà sẹ́yìn.

Nítorí náà, ní àkókò tí iye ọjà ń yí, kò tó kí a fi iye tí a ra ọjà ní àná ṣírò èrè. Kí a béèrè pẹ̀lú pé: èló ni yóò ná mi láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ tí owó yóò dé? Bí a kò bá lè sọ ọ́, ó sàn kí ọjọ́ àwìn kúrú, tàbí kí a má tilẹ̀ ta láwìn ní àkókò bẹ́ẹ̀. Àkọlé tí a máa ń rí lára ògiri ìsọ̀, pé kò sí àwìn lónìí, kí a padà wá lọ́la, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ nìkan.

VII. BÍ A TI Í MỌ̀ Ọ́N ṢÁÁJÚ

Ìwé mẹ́ta tó fún ìsọ̀ kékeré, wọn kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ní alẹ́.

Ìwé kìn-ín-ní ni ìwé owó. Gbogbo owó tí ó wọlé ní apá kan, gbogbo èyí tí ó jáde ní apá kejì, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìdí. Owó tí onísọ̀ mú lọ sílé gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní alẹ́, kí iye tí ìwé wí bá èyí tí ó wà nínú àpótí àti ní báńkì mu. Bí kò bá bára mu, nígbà náà ni a lè fura sí olè tàbí ìgbàgbé.

Ìwé kejì ni ìwé àwìn. Kí ó má ṣe orúkọ àti iye nìkan. Kí ọjọ́ tí a gba ọjà àti ọjọ́ tí a dá láti san wà níbẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀, kí a pín gbèsè sí mẹ́ta: èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò ì tí ì pé, èyí tí ó ti kọjá pẹ̀lú oṣù kan, àti èyí tí ó ti kọjá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìpín kẹta bá ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èrè inú ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í di àlá. Ìdì kan tí a kò san owó rẹ̀ títí láé jẹ́ àdánù ₦8,000, a sì gbọ́dọ̀ ta ìdì mẹ́rin mìíràn, tí èrè ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦2,000, kí a tó bọ̀ sípò.

Ìwé kẹta ni ìwé iwájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí a kọ iye owó ọwọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn èyí kí a kọ ohun tí a ń retí pé yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde ní oṣù mẹ́ta tí ń bọ̀. Níti àwìn, ọjọ́ tí ajigbèsè máa ń san gan-an ni kí a kọ, kì í ṣe ọjọ́ tí ó ṣèlérí. Ká ní aláṣọ wa ṣe èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án, ì bá ti rí ₦530,000, lẹ́yìn náà ₦380,000, àti ìdì 90 tí yóò fẹ́ rà, kí ó tó ta ìdì kan ṣoṣo. Ì bá ti mọ̀ ní oṣù méjì ṣáájú, nígbà tí ó ṣì lè bẹ onílé pé kí ó gba owó ìsọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, tàbí kí ó béèrè ìdajì lọ́wọ́ àwọn alágbàtà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní Oṣù Kọkànlá kò ní ju kí ó yá owó lọ.

Ìwé iwájú kò lè sọ ohun gbogbo. Kò mọ̀ bí iná yóò jó ọjà, kò sì mọ̀ bí náírà yóò ṣe rí. Ìdí nìyí tí ó fi tọ́ kí owó díẹ̀ máa wà tí a kò fi ra ọjà, ó kéré tán èyí tí ó tó ìnáwó ìsọ̀ fún oṣù kan tàbí méjì.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN OLÙKỌ́ ÀTI ẸGBẸ́ ÌKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Èéṣe tí owó ìsọ̀ ọdún kan fi dín owó ọwọ́ kù ní ₦600,000, ṣùgbọ́n tí ó dín èrè oṣù kan kù ní ₦50,000 péré?

2. Ẹnì kan ṣí ìsọ̀ oúnjẹ pẹ̀lú ₦300,000, nínú ilé ara rẹ̀. Ó fi ₦240,000 ra ọjà. Èyí tí ó rà ní ₦200,000 nínú rẹ̀ ni ó tà ní ₦250,000. Wọ́n san ₦150,000, ìyókù jẹ́ àwìn. Ó ná ₦20,000. Èló ni èrè rẹ̀, èló sì ni owó ọwọ́ rẹ̀?

Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì: Èrè jẹ́ ₦30,000, owó ọwọ́ jẹ́ ₦190,000. Kí a lè mọ̀ pé ó tọ̀nà, ẹ fi àwìn ₦100,000 àti ọjà ₦40,000 kún owó ọwọ́ náà: ₦330,000 ni yóò jẹ́, tí í ṣe ₦300,000 tí ó fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrè rẹ̀. Bí àpapọ̀ kò bá bára mu báyìí nínú ìsọ̀ ẹnikẹ́ni, kí ó wá a títí yóò fi rí i, nítorí níbẹ̀ ni ohun kan ti sọnù, tàbí tí a gbàgbé láti kọ.